Kọ Ìdáhùn Kí O Tó Kọ Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Olùkọ́ Eré Ìdárayá ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀gá àti olùkọ́ eré ìdárayá tí ẹ ti Òkè-Fìà, Àlékúwodò, Ìgbọ́nà àti Òkè-Báálẹ̀ wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè wọ Òṣogbo láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Òròkí á gbè wá o.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò lọ́jú pọ̀: báwo ni a ṣe ń ṣe ìbéèrè ìdánwò oníwèé fún ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, tí ìlànà máàkì rẹ̀ á wà nílẹ̀, tí ìbéèrè náà kò sì ní le bákan náà láti òkè délẹ̀? Mi ò ní sáré ká gbogbo sílábọ́ọ̀sì. Orí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni n ó mú, ìyẹn eré rílè, 4×100, èyí tí ẹni mẹ́rin ń sá tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. A ó tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù, a ó sì fi ṣe ìbéèrè oní-máàkì 15 tí olùkọ́ méjì lè máàkì láì bá ara wọn jiyàn.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí: "Ṣàlàyé eré rílè. (Máàkì 10)." Ta ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí nínú wa? Ta ni kò tíì kọ irú rẹ̀ rí? Ó kúrú, ó rọrùn láti kọ sójú pátákó, kò sì gba àsìkò olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó nígbà tí ìwé bá padà dé orí tábìlì.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn báyìí: "Eré rílè ni eré tí ẹni mẹ́rin máa ń sá. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ọ̀pá bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti lé ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Àwọn Jàmáíkà ló mọ̀ ọ́n sá jù." Gbólóhùn mẹ́rin. Mélòó ni ẹ ó fún un? Olùkọ́ kan á ní 3, nítorí pé ohun méjì péré ló tọ̀nà, tí ó sì fi ẹyọ kan ṣe é láàánú. Olùkọ́ kejì á ní 7, nítorí pé ọmọ náà ti fi hàn pé òun mọ ohun tí rílè jẹ́. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn méjèèjì. Ìbéèrè ni kò sọ ohun tó ń wá.

Ẹ tún wo gbólóhùn kẹta yẹn. Irọ́ ni. Ọ̀pá tó bọ́ sílẹ̀ kò lé ẹgbẹ́ jáde. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè mú un, kí ó máa sá lọ, bí ó bá tẹ̀lé òfin. Ṣé ká yọ máàkì kúrò ni, àbí ká ṣe bí ẹni pé a kò rí i? Gbólóhùn kẹrin ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn ọkùnrin Jàmáíkà ló sá 4×100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 36.84 ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ṣé ohun tí a bèèrè nìyẹn? Bí ìlànà máàkì kò bá ti sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyí ṣáájú, ohun tó bá wu olùkọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni yóò ṣe. Ìwé tó máàkì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti èyí tó máàkì lẹ́yìn tí iná ọba ti lọ kò ní rí bákan náà.

Nítorí náà, ohun tí mo bá dé Òṣogbo lónìí ò ju ẹyọ kan lọ: kọ ìdáhùn kí o tó kọ ìbéèrè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí o bá jókòó tí o kò lè kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí o fi ẹyọ máàkì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ni ín, a jẹ́ pé ìbéèrè kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ. Àkọlé lásán ni o ní.

Rílè tó mélòó nínú ìdánwò náà?

N ò ní pẹ́ níbí. Ká ní tíọ́rì yín jẹ́ máàkì 60, ọ̀sẹ̀ 10 lẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáà náà. Bí ọ̀sẹ̀ 3 bá jẹ́ ti rílè, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá máàkì ni tirẹ̀, ìyẹn 18. Ẹ lè fi 3 sínú ọ́bìjẹ́tíìfù, kí 15 jẹ́ ìbéèrè aláyé gígùn. Ìyẹn nìkan. Ẹ ya tábìlì kékeré kan sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ yín, kí orí ẹ̀kọ́ wà lápá òsì, kí iye ọ̀sẹ̀ àti iye máàkì wà lápá ọ̀tún. Ohun tí tábìlì yìí ń dá dúró ni àṣà kí olùkọ́ fi máàkì 25 sórí ohun tí òun fẹ́ràn, kí ó sì fi 3 sórí ohun tí ó fi oṣù kan kọ́.

Àyìnrín àti ẹtù

Ó kan ọ̀rọ̀ líle àti rírọrùn. Ibí ni a ti ń ṣìnà jù.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Bí aláró bá ri aṣọ bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan tó fà á yọ, àyìnrín ló máa jáde. Bí ó bá ń rì í tó ń fà á yọ, tó ń rì í tó ń fà á yọ, ó di ẹtù. Aṣọ kan náà, ìkòkò aró kan náà. Iye ìgbà tí aṣọ wọ inú aró ni ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbéèrè rí. Iye ìgbésẹ̀ tí ọpọlọ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé kó tó dé ìdáhùn ló ń mú ìbéèrè le. Bí ohun tó o bèèrè ṣe ṣókùnkùn tó kọ́ o.

Ẹ gbọ́ èyí: "Kí ni ìwọ̀n tí ọ̀pá rílè gbọ́dọ̀ tẹ̀, ó kéré tán?" Gíráàmù 50 ni ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n, ẹ ó sì ní ìbéèrè náà le. Kò le. Ó kàn fara sin ni. Ìgbésẹ̀ kan ló ní: o rántí tàbí o kò rántí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí ìdánwò òun le, tó wá lọ ń ṣa gíráàmù àti sẹ̀ǹtímítà kiri inú ìwé, àyìnrín ló ṣì ń pa láró.

Ìpele mẹ́ta tó fún wa. Ìpele kìíní, kí ọmọ rántí. Ìpele kejì, kí ó mú ohun tó rántí, kí ó fi ṣiṣẹ́ lórí ohun tí a kò ṣe fún un ní kíláàsì. Ìpele kẹta, kí a gbé ọ̀ràn kan kalẹ̀, kí ó fi òfin dá a, kí ó sì sọ ìdí. Nínú ìdánwò oní-máàkì 60, èmi a fi bí 30 sí ìpele kìíní, 18 sí ìkejì, 12 sí ìkẹta. Ẹlòmíràn lè tò ó yàtọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ pín bákan náà: ìtàn eré Òlíńpíìkì á pọ̀ ní ìrántí, rílè á pọ̀ ní ìdájọ́, nítorí pé òfin pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí

Ẹ mú bírò. Ìdáhùn ni a ó kọ́kọ́ kọ.

Kí ni a fẹ́ kí ọmọ mọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá? Ẹ jẹ́ ká pè é ní àgbègbè ìgbàpá. Nínú 4×100, mítà 30 ni gígùn rẹ̀. Mẹ́ta ló wà lórí pápá, nítorí pé ẹni mẹ́rin ló ń sá, ọ̀pá sì ń pààrọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà kan wà nínú àgbègbè kọ̀ọ̀kan tó ń sàmì ibi tí ọgọ́rùn-ún mítà pé sí. Mítà 20 ń bẹ ṣáájú ìlà yẹn, mítà 10 ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Mo rí àwọn tó ń mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mítà 20, ẹ kò ṣìwèé kà. Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀: àgbègbè ìgbàpá jẹ́ mítà 20, mítà 10 mìíràn sì wà ṣáájú rẹ̀ tí ẹni tó ń gbà lè ti bẹ̀rẹ̀ eré, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀pá níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2017 ni àjọ eré orí pápá àgbáyé da méjèèjì pọ̀ di mítà 30. Ìwé ẹ̀kọ́ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà ní ọjà, ó sì ṣì wà nínú àpò àwọn ọmọ. Nítorí náà, ìlànà máàkì gbọ́dọ̀ sọ òfin tí òun ń tẹ̀lé. Kí ẹ sì tó ṣe ìbéèrè yìí, kí ẹ rí i dájú pé òfin tuntun lẹ kọ́ wọn ní kíláàsì. Bí ẹ bá fi ìwé àtijọ́ kọ́ ọmọ, kí ẹ tó fi òfin tuntun gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ó yá, apá kìíní, (a), ìpele ìrántí, máàkì 4. "(i) Sọ gígùn àgbègbè ìgbàpá kan nínú eré rílè 4×100. (ii) Mélòó ni àgbègbè ìgbàpá tó wà nínú eré náà? (iii) Dárúkọ ọ̀nà méjì tí a lè gbà fi ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́." Ìlànà máàkì: (i) mítà 30, ẹyọ 1; (ii) mẹ́ta, ẹyọ 1; (iii) méjì nínú mẹ́ta wọ̀nyí, ẹyọ 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: fífi ọ̀pá lé e láti ìsàlẹ̀ sókè, láti òkè sísàlẹ̀, tàbí títì í síwájú tààrà sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ kọ gbólóhùn méjì sí abẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́: "30" láìsí mítà, kò gba máàkì. Èyí jẹ́ ìpinnu yín. Ẹ lè ní kó gbà á. Ohun tó burú ni kí ìwé kan gbà á kí òmíràn má gbà á. Ìkejì: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ̀nà mẹ́rin dípò méjì, méjì àkọ́kọ́ nìkan ni a ó wò. Bí ẹ kò bá kọ ìyẹn, ọmọ tó kọ nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ bí ẹni ń da ẹ̀gúsí sórí ẹní á rí méjì tó bá a mu, ọmọ tó ronú tó kọ méjì á sì pàdánù.

Ẹ kíyè sí "dárúkọ" tí mo lò. Dárúkọ kì í ṣe ṣàlàyé. Bí o bá ní kí ọmọ dárúkọ, orúkọ ni o ó sanwó fún. Bí o bá ní kó ṣàlàyé, ẹyọ máàkì kan fún orúkọ, ẹyọ kan fún àlàyé, ó kéré tán. Olùkọ́ tó kọ "dárúkọ" tó wá ń yọ máàkì nítorí pé ọmọ kò ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni kò gbọ́.

Apá kejì, (b), ìpele ìlò, máàkì 5. "Lórí pápá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 400, ṣírò iye mítà tí ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìparí àgbègbè ìgbàpá kejì fi jìnnà sí ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Fi ìṣirò rẹ hàn." Ẹ wo ìyàtọ̀. Mítà 30 yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọmọ ní láti mọ̀ pé ìlà ọgọ́rùn-ún kejì wà ní mítà 200, kí ó yọ 20 sẹ́yìn, kí ó fi 10 síwájú. Ó ti ri aṣọ bọ aró lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìlànà máàkì: ìlà wà ní 200, ẹyọ 1. Ó yọ nǹkan kúrò nínú 200 láti rí ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ 1. Ó rí 180, ẹyọ 1. Ó fi nǹkan kún 200 láti rí ìparí, ẹyọ 1. Ó rí 210, ẹyọ 1.

Kí ló dé tí mo ya ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára èsì? Ẹ jẹ́ ká dán an wò lára ọmọ méjì. Èyí àkọ́kọ́ ka ìwé àtijọ́, ó yọ 10, ó fi 10 kún un. Ó ní 190 àti 210. Ó gba 200, ó gba ọ̀nà méjèèjì, ó gba 210, ó pàdánù 180: máàkì 4 nínú 5. Èkejì mọ mítà 30 ṣùgbọ́n ó dá a sí méjì dọ́gba, ó ní 185 àti 215. Ó gba 200 àti ọ̀nà méjèèjì, kò gba èsì kankan: 3 nínú 5. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn kọ "180 àti 210, máàkì 5", àwọn méjèèjì á wà nínú àánú yín. Ọmọ kẹta wà o, tó kọ 180 àti 210 láìfi ìṣirò kankan hàn. A ti ní kó fi hàn. Èmi á fún un ní 2, ti èsì méjèèjì, nítorí pé a kò mọ̀ bóyá ó ṣe é ni tàbí ó wò ó lára ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀.

Apá kẹta, (c), ìpele ìdájọ́, máàkì 6. Ibí ló gbẹgẹ́ jù, ibí ni n ó sì ti fi pàǹpẹ́ kan hàn yín.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni kí a kọ ọ́ báyìí: "Àgbègbè ìgbàpá kẹta bẹ̀rẹ̀ láti mítà 280 dé 310. Ọ̀pá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń gbà nìkan ní mítà 312. Dá ẹjọ́ náà." Ó dára lójú, àbí? Kò dára rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè àgbègbè kejì lọ́wọ́ wọn nínú (b) ni, a tún wá fún wọn ní ẹ̀kẹta. Ọmọ tó gbọ́n á yọ 100 kúrò nínú 280, á yọ 100 kúrò nínú 310, á sì padà lọ kọ 180 àti 210. Ìbéèrè kan ti sọ ìdáhùn èkejì. Ká tún wá ní a kò fún wọn ní nọ́ńbà, pé kí wọ́n lo èyí tí wọ́n rí nínú (b). Bí ọ̀ràn náà bá wá jẹ́ ti àgbègbè kejì, ẹni tó ní 215 níbẹ̀ á ní ọ̀pá tó dé ní mítà 212 tọ̀nà, ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ohun tó ti kọ mu. Ṣé ká fìyà kan náà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ìbéèrè (c) má lo nọ́ńbà kankan rárá. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀ràn kìíní: Nígbà tí ọ̀pá bọ́ sọ́wọ́ Àjàní nìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọjá ìlà ìparí àgbègbè ìgbàpá, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ọ̀pá náà kò sì tíì kọjá ìlà. Ọ̀ràn kejì: Bí Àlàbí ti ń sá lọ láàárín ọ̀nà, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí síwájú lọ sí ojú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ó mú un láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó padà sójú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ń sá lọ láti ibi tó ti mú un. Fún ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, sọ bóyá ẹgbẹ́ náà rú òfin, kí o sì fi ìdí méjì gbè é lẹ́sẹ̀."

Ìlànà máàkì fún ọ̀ràn kìíní: kò rú òfin, ẹyọ 1; ipò ọ̀pá ni a ń wò, a kì í wo ẹsẹ̀ tàbí ara eléré, ẹyọ 1; ìgbàpá ti parí kí ọ̀pá tó kọjá ìlà, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó gbà á nìkan ló wà, ẹyọ 1. Fún ọ̀ràn kejì: ó rú òfin, ẹyọ 1; ọ̀pá tó bá yí síwájú, dandan ni kí eléré padà dé ibi tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn, ó kéré tán, kó tó máa sá lọ, ẹyọ 1; bí kò ti padà, ó ti dín ọ̀nà tó yẹ kó sá kù, ẹyọ 1. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: "Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ó rú òfin nítorí pé ó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ìdí náà kò gba máàkì." Òfin gbà á láyè láti kúrò lójú ọ̀nà lọ mú ọ̀pá.

Ó ku ibì kan. "Rú" tàbí "kò rú", ọ̀kan nínú méjì ni. Ọmọ tó bá kàn fi ẹnu sọ ọ́ láìmọ nǹkan kan lè bá a. Nítorí náà ni mo fi máàkì 2 sí ìdí, tí mo fi 1 péré sí ìdájọ́. Èmi tiẹ̀ fara mọ́ ọn kí a kọ ọ́ pé ẹyọ 1 ti ìdájọ́ kò ní wọlé àfi bí ó kéré tán ìdí kan bá tọ̀nà. Ó le díẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n nínú ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ìlànà tó fara pamọ́ fún ẹni tó ń dáhùn, ìjàǹbá ni.

Ọ́bìjẹ́tíìfù: ẹ̀tàn tó ní orírun

Máàkì 3 ló kù. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn mẹ́rin, ọ̀kan tó tọ̀nà, mẹ́ta tó jẹ́ ẹ̀tàn. Ẹ̀tàn náà ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá kọ "mítà 30, mítà 2, mítà 500, kìlómítà 4", ẹ̀tàn wo ló wà níbẹ̀? Ọmọ tí kò wá sí kíláàsì rí á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tàn gidi ni àṣìṣe tí ọmọ tó ka ìwé lè ṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti rí i.

Ẹ wo èyí: "Kí ni adájọ́ ń wò láti mọ̀ pé ìgbàpá wáyé nínú àgbègbè rẹ̀? A. ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbà, B. ẹsẹ̀ ẹni tó ń fún un, D. àyà ẹni tó ń gbà, E. ọ̀pá." E ló tọ̀nà. Ọmọ tó bá mú A gbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ìlà wà fún, bí ó ti rí nínú fífò jíjìn. Ẹni tó mú D rántí pé àyà ni a ń wò ní ìlà ìparí eré sísá, ó wá gbé e wá síbí. Bí ẹ bá ka iye ọmọ tó mú D lẹ́yìn ìdánwò, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa tún kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbéèrè yìí sínú ìdánwò kan náà tí (c) wà. Ohun kan náà ni ọ̀ràn Àjàní bèèrè. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á pàdánù lẹ́ẹ̀mejì lórí àìmọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì pamọ́ de sáà tó ń bọ̀.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké ńkọ́? Ìdáhùn tó tọ̀nà máa ń gùn jù, nítorí pé olùkọ́ ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má bá a jiyàn, ó ń fi "àyàfi" àti "bí ó bá jẹ́ pé" kún un. Àwọn ọmọ ti mọ̀. Wọ́n ń mú èyí tó gùn jù. "Gbogbo èyí tó wà lókè" náà: ọmọ tó bá mọ méjì pé wọ́n tọ̀nà ti mọ ìdáhùn láìmọ ìkẹta. Àti "èwo ni KÌ Í ṣe": bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má lò ó, ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ "KÌ Í ṣe" tàbí kí ẹ fa ìlà sí i nídìí.

Kí ìwé tó dé ọwọ́ ọmọ, àti lẹ́yìn tó bá kúrò níbẹ̀

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ fún olùkọ́ mìíràn ní ìbéèrè nìkan, láìfún un ní ìlànà máàkì. Kí ó dáhùn rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ìbéèrè yín ló ní ojú méjì. Ẹ wo aago pẹ̀lú. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 8, àwọn ọmọ á nílò bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, bí ìṣẹ́jú 24.

Nígbà tí ìwé bá padà dé, ẹ má tíì máàkì rẹ̀ tán. Ẹ mú márùn-ún, kí ẹ̀yin àti olùkọ́ kejì máàkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lórí bébà mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má rí ti ẹnìkejì. Ibi tí ẹ bá ti fi ju máàkì kan lọ yàtọ̀ síra, ìlànà ni ẹ ó tún kọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdáhùn tí ẹ kò ronú kàn: ọmọ kan á kọ ọ́ nínú (b) pé "mítà 20 ṣáájú ìlà kejì, mítà 10 lẹ́yìn rẹ̀", láìkọ 180 tàbí 210. Ó mọ òfin, kò parí ìṣirò. Ẹ pinnu rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó máàkì ìwé kẹfà. Kí ẹ sì máàkì (a) gbogbo kíláàsì tán kí ẹ tó kan (b). Bí ẹ bá ń máàkì ìwé ọmọ kan láti òkè délẹ̀, dáadáa tó ṣe nínú (a) á máa bá yín lọ sí (c).

Lẹ́yìn náà, fún ọ́bìjẹ́tíìfù, ẹ to ìwé láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gbà kéré jù. Ẹ mú mẹ́wàá òkè, ẹ mú mẹ́wàá ìsàlẹ̀. Bí mẹ́sàn-án lókè bá gba ìbéèrè kan, tí mẹ́rin nísàlẹ̀ gbà á, ìbéèrè náà ṣiṣẹ́. Bí mẹ́wàá bá gbà á lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀, kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ lè fi í sílẹ̀ bí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta péré bá gbà á lókè, tí méje gbà á nísàlẹ̀, ẹ má tíì bá àwọn ọmọ wí. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìdáhùn tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sílẹ̀ pé ó tọ̀nà. Ìgbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé E ló yẹ kó wà níbẹ̀, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ D, tàbí pé mítà 20 ti àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Bébà wà níwájú olúkúlùkù. Ẹ mú bí àwọn eléré ṣe ń yí ipò padà nínú fọ́lìbọ́ọ̀lù, kí ẹ kọ ìbéèrè oní-máàkì 10 lórí rẹ̀, ìpele mẹ́ta. Ìlànà máàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí ẹ̀yìn bébà, kí ẹ tó yí i sí iwájú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé e fún ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún yín, kí ó dáhùn rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ẹ ṣeun o.